Lẹ́tà rìdọ́ńdáńsì: bẹ́ ẹ ṣe máa ṣàlàyé ìdí tó fi kan ẹni yẹn, nótíìsì rẹ̀ àti owó tó máa gbà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kéékèèké ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ọ̀gá kàn máa yọjú sí lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ pé "ẹ bá mi kọ lẹ́tà fún lágbájá o, iṣẹ́ ti dín kù", tí wọ́n á sì wọ mọ́tò wọn lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tí mo ti rí ò ju ìlà mẹ́rin lọ: bí nǹkan ṣe rí nílùú, a ò nílò yín mọ́, a dúpẹ́, ẹ lọ rí akáńtáǹtì. Ẹni tó bá gba irú ẹ̀ délé, ìbéèrè mẹ́ta làwọn ará ilé ẹ̀ máa kọ́kọ́ bi í: kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ, ọjọ́ wo niṣẹ́ ń parí, èló ni wọ́n máa fún ẹ? Tí lẹ́tà yẹn ò bá lè bá a dáhùn ẹyọ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ti fìyà jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, a gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ a ò sì jẹ́ kó mọ ìdí.

Nàìjíríà ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí wà fún o. Ẹni tó bá wà ní Ìlú Ọba, òfin tiwọn yàtọ̀ pátápátá, ẹ má fi iye ọjọ́ àti owó tibí ṣírò tibẹ̀.

Ohun tí òfin sọ ò gùn. Abala 20 nínú Òfin Òṣìṣẹ́ wa ló sọ ọ́: rìdọ́ńdáńsì ni kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn pátápátá, láìjẹ́ pé òun ló fẹ́ ẹ, nítorí pé òṣìṣẹ́ ti pọ̀ ju iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ. Ó wá ní kí agbanisíṣẹ́ ṣe nǹkan mẹ́ta. Kó sọ fún yúníọ̀nù tàbí aṣojú òṣìṣẹ́ ìdí tó fi fẹ́ dín èèyàn kù àti iye tó máa kàn. Kó jẹ́ pé ẹni tó wọlé kẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ jáde láàárín àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, àyàfi tí ìmọ̀ọ́ṣe, agbára tàbí bí ẹnì kan ṣe ṣeé fọkàn tán lẹ́nu iṣẹ́ bá mú kó rí bíi míì. Kó sì sapá dáadáa láti dúnàádúrà lórí owó tó máa fún àwọn tó ń lọ. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ò sí níbì kankan níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹni yẹn jalè tàbí ó ń pẹ́ débi iṣẹ́, ọ̀nà ìbáwí lẹ máa gbà, ẹ má fi rìdọ́ńdáńsì bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun kan tún wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí Òfin yìí ń sọ ni ẹni tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ tàbí tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé, kò ka àwọn tó wà nípò ìṣàkóso tàbí iṣẹ́ tó gba ìmọ̀ gíga mọ́ ọn. Nítorí náà tó bá jẹ́ máníjà lẹ fẹ́ kọ lẹ́tà sí, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ẹ̀ àti ìwé òfin ilé iṣẹ́ yín lẹ máa tẹ̀ lé ní pàtàkì. Èyí tá a máa fi ṣe àpẹẹrẹ níbí, sítọ́kípà ni, òfin kàn án tààrà.

Àpẹẹrẹ wa rèé. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe omi inú rọ́bà n'Íbàdàn ní dípò kan, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kó ọjà sí, ní Ọ̀yọ́. Sítọ́kípà mẹ́ta ni wọ́n ní. Ẹni àkọ́kọ́ wọlé lọ́dún 2016, òun ló ń jókòó sí dípò Ọ̀yọ́. Ẹnì kejì, ẹ jẹ́ ká pè é ní Arábìnrin Fọláṣadé, wọlé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ọdún 2021, ó wà n'Íbàdàn. Ẹnì kẹta wọlé lọ́dún 2023, Ìbàdàn lòun náà wà, òun nìkan ló sì ní sàtífíkéètì láti wa fọ́kílíìfù. Nígbà tó di ìparí oṣù kẹfà ọdún 2026 wọ́n ti dípò Ọ̀yọ́ pa, ọkọ̀ wá ń kó omi tààrà láti Ìbàdàn lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbàárà, iṣẹ́ tó kù ò ju ti èèyàn méjì lọ mọ́. Wọ́n mú Arábìnrin Fọláṣadé.

Ẹ rò ó wò, ìbéèrè wo lobìnrin yẹn máa bi yín? Ó máa ní dípò Ọ̀yọ́ lẹ tì, Ìbàdàn lèmi wà, kí ló kàn mí níbẹ̀? Á tún ní ẹni tó wọlé lẹ́yìn mi ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣé òfin ò ní kí ẹni tó dé kẹ́yìn kọ́kọ́ lọ ni? Ìbéèrè méjèèjì ló tọ̀nà, lẹ́tà yín gbọ́dọ̀ dáhùn wọn kó tó bi yín.

Kẹ́ ẹ tó kọ ìlà kan, ẹ kó ìwé jọ

Ẹ mú fáìlì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, kì í ṣe tẹni tó ń lọ nìkan. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wọn, ọjọ́ tí wọ́n wọlé, sàtífíkéètì tí wọ́n ní, ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí láràárọ̀, ẹ̀dà lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ sí yúníọ̀nù. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọjọ́ kẹfà oṣù keje 2026 ni wọ́n kọ̀wé sí yúníọ̀nù, ìyẹn kí lẹ́tà tó jáde rárá. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan náà lẹ kọ̀wé sí yúníọ̀nù àti òṣìṣẹ́, gbogbo èèyàn máa mọ̀ pé ẹ ti parí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá wo ìwé tí máníjà fi fún wọn ní máàkì, torí ibẹ̀ ni wàhálà máa ń fara pamọ́ sí. Ká ní máníjà sítọ̀ọ̀ fún Arábìnrin Fọláṣadé ní máàkì kékeré lórí bó ṣe ṣeé fọkàn tán, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "kì í fi bẹ́ẹ̀ wá síbi iṣẹ́ lọ́dún 2024". Ẹ lọ yẹ ìwé wò kẹ́ ẹ rí i pé líìfù ìbímọ ló lọ, ọ̀sẹ̀ méjìlá tí abala 54 nínú Òfin kan náà fún un. Ẹ ò lè ka ìyẹn sí i lọ́rùn. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ tún máàkì gbogbo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá òun náà ṣì lọ̀rọ̀ kàn. Níbí ó ṣì kàn án, nítorí fọ́kílíìfù, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé líìfù ìbímọ yẹn nìkan ló fi wà nísàlẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tẹ́ ẹ mú kọ́ lọ̀rọ̀ kàn nìyẹn, ẹ má kọ lẹ́tà náà. Tó bá sì jẹ́ pé ó ṣì wà ní líìfù ìbímọ lọ́wọ́ ńkọ́? Kò sí nótíìsì kankan tẹ́ ẹ lè fún un nígbà yẹn, ẹ dúró kó dé.

Ìpínrọ̀ ìdí: iṣẹ́ lẹ máa kọ́kọ́ sọ, ẹ ó tó dé orí èèyàn

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á da méjèèjì pọ̀, wọ́n á ní "iṣẹ́ ti dín kù, o ò sì fi bẹ́ẹ̀ já fáfá". Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ má kọ "bí ọrọ̀ ajé ṣe rí", gbogbo wa la mọ bí ọrọ̀ ajé ṣe rí, kì í ṣe òun ló mú kí sítọ́kípà mẹ́ta di méjì. Dípò Ọ̀yọ́ tí wọ́n tì ló fà á, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìpínrọ̀ kejì ló máa sọ àwọn tẹ́ ẹ fi wéra, ohun tẹ́ ẹ fi wọ̀n wọ́n, àti ibi tó já sí fún ẹni yìí.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí, kódà tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ fẹ́ fi kọ lẹ́tà yín, bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀ léra nìyí:

*Arábìnrin Fọláṣadé, a ti dípò wa ní Ọ̀yọ́ pa ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2026. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjà ń lọ tààrà láti sítọ̀ọ̀ Ìbàdàn, iṣẹ́ tó wà fún sítọ́kípà mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ti di ti ẹni méjì. A kọ̀wé sọ ọ́ fún yúníọ̀nù yín ní ọjọ́ 6 oṣù keje.*

*Ẹ̀yin sítọ́kípà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la gbé yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹni tó wà ní Ọ̀yọ́ nìkan, torí iṣẹ́ kan náà lẹ̀ ń ṣe, a sì lè gbé ẹnikẹ́ni nínú yín láti ibì kan sí ìkejì. Ọjọ́ tẹ́nì kọ̀ọ̀kan wọlé la kọ́kọ́ wò. Ẹni tó pẹ́ jù nínú yín dúró lórí ìyẹn. Láàárín ẹ̀yin méjì tó kù, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wọlé, ṣùgbọ́n sítọ̀ọ̀ Ìbàdàn ò lè ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó lè wa fọ́kílíìfù, ẹnì kejì yín nìkan ló sì ní sàtífíkéètì rẹ̀. Ìdí nìyí tá a fi mú un dúró. Kì í ṣe pé ẹ ṣẹ̀ wá, kò sí ìwé ìbáwí kankan nínú fáìlì yín. A wò ó bóyá àyè míì wà fún yín ní ọ́fíìsì títà àti ní ẹ̀ka ìṣirò, kò sí èyí tó ṣófo lásìkò yìí.*

Ẹ rí i pé a ò dárúkọ àwọn méjì tó kù, a ò sì kọ máàkì wọn sínú lẹ́tà ẹlòmíì, àṣírí tiwọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n máàkì tiẹ̀ gangan, tó bá ní kí òun rí i, ẹ fi hàn án.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán ìpínrọ̀ yìí wò rèé: ẹ mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ bi ara yín pé ìwé wo nínú fáìlì ló gbè é lẹ́sẹ̀. "Sàtífíkéètì fọ́kílíìfù", ó wà. "Kò sí ìwé ìbáwí", ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Gbólóhùn tí ò bá níwèé lẹ́yìn, ẹ pa á rẹ́, torí tọ́rọ̀ bá dé iwájú Ilé Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́, ìwé ni wọ́n máa béèrè. Ohun míì tó máa ń tú àṣírí lẹ́yìn lẹ́tà ni kí ilé iṣẹ́ tún lọ lẹ ìwé mọ́ géètì lóṣù méjì sí i pé àwọn ń wá sítọ́kípà. Òfin ní iṣẹ́ yẹn ti lọ pátápátá, ẹ̀yin náà lẹ tún fọwọ́ ara yín sọ pé kò lọ.

Nótíìsì: ẹ kọ ọjọ́, ẹ má kọ "oṣù kan" lásán

Abala 11 ló ní iye tó kéré jù. Ẹni tí ò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ kan. Tó bá ti ju oṣù mẹ́ta àmọ́ tí ò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún méjì sí ohun tí ò tó márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ bá fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ, ti lẹ́tà lẹ máa lò. Nótíìsì tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ kíkọ sílẹ̀, pípè é lórí fóònù ò tó.

Ọjọ́ tó wọlé gan-an lẹ máa fi kà á, ẹ má fọkàn ṣe é. Arábìnrin Fọláṣadé ti lo ọdún márùn-ún àti oṣù márùn-ún nígbà tí wọ́n fún un ní lẹ́tà, ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ 2026. Oṣù kan ló tọ́ sí i. Akọ̀wé tó bá kàn wo "2021" tó sì rò pé ọdún mẹ́rin àti díẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ méjì ló máa fún un, ó ti yọ ìdajì oṣù kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tó gba lẹ́tà lọ́wọ́ la máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà tẹ̀ lé, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, torí lẹ́tà lè sùn sí tábìlì máníjà fún ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà:

*Nótíìsì yín, tó jẹ́ oṣù kan, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ 2026, ó sì parí ní Tọ́sìdè, ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án 2026. Ọjọ́ yẹn niṣẹ́ yín parí níbí. Ẹ ó máa gba owó oṣù yín bó ṣe yẹ títí di ọjọ́ náà.*

Tí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ kó máa lọ lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n san owó dípò nótíìsì, ìyẹn náà wà nínú òfin, àmọ́ ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀ torí ìṣirò ẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí òfin kà fún owó dípò nótíìsì ni owó tó ń gbà gan-an, láìka ófátáìmù àti aláwáàǹsì. Arábìnrin yìí ń gba ₦132,000 lóṣù: bésíìkì ₦88,000, owó ilé ₦26,000, owó ọkọ̀ ₦18,000. Tó bá ṣiṣẹ́ nótíìsì ẹ̀ tán, ₦132,000 ló máa bọ́ sí i lọ́wọ́ fún oṣù yẹn, tẹ́ ẹ bá ní kó máa lọ, ₦88,000 lòfin mú un dé. Ó máa pàdánù ₦44,000 lórí ohun tí kì í ṣe òun ló béèrè fún. Tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ bá ti sọ pé gbogbo owó oṣù ni, ẹ san gbogbo ẹ̀. Tí kò bá sọ nǹkan kan, òfin gbà yín láyè láti san bésíìkì, ṣùgbọ́n èmi ò rò pé ó dáa ká lé èèyàn lọ́jọ́ kan ká sì tún fi yọ owó ilé ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀ tán tàbí kẹ́ ẹ san án pé. Èyí tó wù kẹ́ ẹ ṣe, ẹ kọ ọ̀kan ṣoṣo sínú lẹ́tà, kó má lọ jẹ́ pé ìpínrọ̀ kan ní kó máa bọ̀ títí oṣù kẹsàn-án, òmíì ní kó dá kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ọ̀ padà lónìí.

Owó: ẹ ṣe ìṣirò náà lójú ẹ̀

Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, torí wọ́n rò pé òfin ní iye kan tó fi lélẹ̀. Òfin Òṣìṣẹ́ wa ò sọ pé ọ̀sẹ̀ báyìí fún ọdún báyìí, ó kàn ní kẹ́ ẹ dúnàádúrà ni. Nítorí náà ibi tẹ́ ẹ máa wò ni lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, ìwé òfin ilé iṣẹ́, àdéhùn tẹ́ ẹ bá yúníọ̀nù ṣe, àti ohun tẹ́ ẹ san fún àwọn tó ti lọ ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá san oṣù kan fún ọdún kan fẹ́ni tó lọ lọ́dún tó kọjá, ẹ máa ní ohun tẹ́ ẹ máa sọ kẹ́ ẹ tó san ọ̀sẹ̀ méjì fẹ́ni tòní. Ibi tẹ́ ẹ ti mú u wá, ẹ dárúkọ ẹ̀ nínú lẹ́tà.

Ká ní ìwé òfin ilé iṣẹ́ yìí sọ pé owó oṣù kan, bésíìkì àti aláwáàǹsì pọ̀, fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá pé. Ọdún márùn-ún ló pé, oṣù márùn-ún tó lé ò wọlé níbẹ̀, ẹ sọ ìyẹn fún un kó má bàa rò pé ẹ gbàgbé ni. Líìfù tí kò tíì lò ku ọjọ́ méje, ọjọ́ kan jẹ́ ₦6,000, ìyẹn ₦132,000 tá a pín sí ọjọ́ iṣẹ́ méjìlélógún. Owó oṣù kẹjọ máa wọlé nígbà tó máa ń wọlé, ó wá ku ọjọ́ mẹ́ta nínú oṣù kẹsàn-án. Ó tún ti gba àdáfáǹsì ₦30,000 tó fọwọ́ sí pé kí wọ́n yọ.

*Owó àjẹmọ́nú rìdọ́ńdáńsì: ọdún 5 × ₦132,000 = ₦660,000*
*Líìfù tó kù: ọjọ́ 7 × ₦6,000 = ₦42,000*
*Owó iṣẹ́ ọjọ́ 1 sí 3 oṣù kẹsàn-án: ọjọ́ 3 × ₦6,000 = ₦18,000*
*Àròpọ̀: ₦720,000*
*Àdáfáǹsì tẹ́ ẹ fọwọ́ sí: ₦30,000*
*Ohun tó máa wọ àkáǹtì yín, kí wọ́n tó yọ owó orí àti pẹ́ńṣọ̀n tó bá wà lórí owó iṣẹ́: ₦690,000*

Tí kò bá sí ìwé tó fọwọ́ sí lórí àdáfáǹsì yẹn, ẹ má yọ kọ́bọ̀, òfin ò gbà kẹ́ ẹ máa yọ owó òṣìṣẹ́ bó ṣe wù yín. Ní ti owó orí, òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2026 kì í gba owó orí lórí owó tí wọ́n fi tu èèyàn nínú torí iṣẹ́ tó bọ́, títí dé mílíọ̀nù 50 náírà, nítorí náà ₦660,000 yẹn wọlé ní pípé. Owó oṣù àti ti líìfù ni akáńtáǹtì máa wò bó ṣe máa ń wò ó.

Ẹ má ka pẹ́ńṣọ̀n mọ́ owó yìí láé. Owó tó wà nínú àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n ẹ̀, tiẹ̀ ni, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ ẹ̀ àti ìdá mẹ́wàá láti ọ̀dọ̀ yín, ẹ ò lè mú un wá kún owó àjẹmọ́nú kó lè dà bíi pé ó pọ̀. Ohun tó dáa kẹ́ ẹ kọ ni oṣù tẹ́ ẹ san pẹ́ńṣọ̀n ẹ̀ dé, àti pé tí kò bá tíì pé àádọ́ta ọdún, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá tí kò ríṣẹ́ míì, ó lè béèrè títí dé ìdá mẹ́rin owó tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé ó wà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ìsanwó náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Òfin ní kí owó iṣẹ́ ti wọlé kí nótíìsì tó parí, nítorí náà ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ló pẹ́ jù nínú àpẹẹrẹ yìí, "láìpẹ́" kì í ṣe ọjọ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa fún un

Ẹ pè é sí yàrá, ẹ ka ìpínrọ̀ ìdí fún un lẹ́nu, kẹ́ ẹ wá fún un ní ẹ̀dà méjì. Ọ̀kan tiẹ̀, èkejì ló máa fọwọ́ sí. Lábẹ́ ibi tó máa fọwọ́ sí, ẹ kọ "mo gba lẹ́tà yìí ní ọjọ́ báyìí", ẹ má kọ "mo fara mọ́ ọn", torí kò pọn dandan kó fara mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ náà ni kò pọn dandan kó fọwọ́ sí i kó tó gba owó ẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó lè lọ bá tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ ti wá. Tó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, kí ẹnì kan tó wà níbẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ fún un lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà míì ránṣẹ́ sórí ímeèlì ẹ̀ tàbí àdírẹ́sì tó wà nínú fáìlì.